Àìsàn Ìgbà Òjò: Bí Sáyẹ́ǹsì Ṣe Ń Wádìí Ọ̀rọ̀

Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní àsẹ́ḿbílì nípa ìlànà tí sáyẹ́ǹsì fi ń ṣiṣẹ́, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé kí ó to ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ: ẹ ṣàkíyèsí, ẹ béèrè, ẹ dá àbá, ẹ dán an wò, ẹ kọ èsì sílẹ̀. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á fi kọ ìdánwò, ó tán. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, mo fi títo ìlànà sílẹ̀, mo sì mú àìsàn kan lọ bá wọn. Ilẹ̀ Yorùbá ni àìsàn náà ti ń jà, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ohun tí mo bá wọn sọ nìyí. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí oòrùn àárọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àsẹ́ḿbílì gùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàárọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ wọ oṣù keje, títí di oṣù kẹsàn-án, àìsàn kan wà tí ó máa ń yọjú ní àwọn ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó lọ sóko tí ó sì bọ̀, á jẹun tán. Nígbà tí wákàtí mélòó kan bá kọjá, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ó sì lè bì. Lẹ́yìn náà ni ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe irú gbígbọ̀n tí òtútù ń mú wá. Orí, apá àti gbogbo ara ni yóò máa gbọ̀n rìrì. Bí ó bá ní kí òun dìde, ẹsẹ̀ kò ní gbà á, á máa ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyè rẹ̀ á ra, kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́.

Dókítà méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn àgbáyé ní ọdún 1958. Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà nígbà náà. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn pé wọ́n rò pé ọpọlọ aláìsàn ló wú, tí wíwú náà sì ń mú un gbọ̀n. Ní ọdún 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, àgbà onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tún kọ̀wé lórí rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá, àìsàn náà ṣì ń padà wá bí òjò bá ti dé, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló ń fà á.

Mo wá bi àwọn ọmọ náà pé: bí ẹ bá jẹ́ dókítà nígbà náà, kí ni ẹ máa sọ pé ó fà á?

Ọmọkùnrin kan tó dúró níwájú kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ayé ni, sà." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ilé yóò fún mi nìyẹn, ìyẹn sì ni ibi tí ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká gba pé ayé ni. Kí ni a ó wá retí láti rí? Ṣé àwọn tó ní ọ̀tá nìkan ni yóò mú? Bí ó bá mú ẹni tí kò ní ọ̀tá ńkọ́? Ẹnì kan á ní ọ̀tá rẹ̀ wà, kò kàn mọ̀ ọ́n ni. Bí ó bá mú ọmọ ọwọ́, a ó ní ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Bí kò bá mú ẹnikẹ́ni lọ́dún kan, a ó ní àdúrà ló gbà. Ohunkóhun tí ojú wa bá rí, àlàyé náà á bá a mu. Ẹ fiyè sí i: àlàyé tí gbogbo nǹkan bá mu, tí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láé tí yóò mú ká sọ pé ó ti kùnà, kò sọ nǹkan kan fún wa nípa àìsàn yìí. Kò sọ ìdí tí ó fi jẹ́ oṣù keje. Kò sọ ìdí tí kò fi jẹ́ oṣù kejìlá, nígbà tí ọ̀tá kò tíì lọ síbì kankan.

Ọmọbìnrin kan wá sọ pé kòkòrò àìfojúrí ni, irú fáírọ́ọ̀sì. Àbá tí àwọn dókítà náà ti kọ́kọ́ gbé wò nìyẹn, ó sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí tí ó fi dára jù kì í ṣe pé ó jọ ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ó dára jù nítorí pé ó ṣeé mú. Bí ó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń mú ọpọlọ wú, a ó retí kí ibà bá a rìn. A ó retí kí omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn fi àmì hàn pé ara ń bá nǹkan jà. A ó retí kí ó máa ràn nínú ilé kan náà láti ara ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ẹni tó bá dá irú àbá bẹ́ẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti wá já a kulẹ̀. Àbá fáírọ́ọ̀sì kò sì rí ẹ̀rí tí yóò gbé e dúró, ó di ohun tí a ń fi sẹ́yìn.

Láàárín ọdún 1990 sí 1994 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Dókítà Bọ́lá Adámọ́lékùn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò fi mọ sí wíwo ara aláìsàn nìkan, wọ́n béèrè ohun tí aláìsàn jẹ. Ìdáhùn tí wọ́n ń gbọ́ léraléra ni oúnjẹ òkèlè pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n fi kanní sè. Ní ọdún 1993, Adámọ́lékùn kọ ọ́ jáde pé ó dà bíi pé jíjẹ kòkòrò yìí àti àìsàn ìgbà òjò náà so mọ́ra.

Àwọn tó dàgbà ní ìlú ńlá lè má mọ kanní. Kòkòrò igi ni, ìdin labalábá òru kan tí ó máa ń jẹ ewé igi arère. Wọn kì í dá gbé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló máa ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n á sì jọ hun àpò kan ṣoṣo bo ara wọn. Òwú àpò irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń ran láti fi hun sányán, aṣọ òkè tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó àti oyè. Wọ́n máa ń yan kòkòrò inú rẹ̀ tàbí kí wọ́n sè é. Ẹran tó dùn ni, kò sì wọ́n. Nígbà òjò tí owó kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀ púpọ̀, kanní ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń rọ́pò ẹran àti ẹja.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró. Wọ́n ti rí i pé àwọn aláìsàn jẹ kanní, wọ́n á ní kanní ni, wọ́n á sì lọ sórí rédíò láti kéde rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi tíì yẹ ká dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí mo fọkàn rò, tí kì í ṣe ti ìwádìí kankan, wo ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ogún aláìsàn wà, tí méjìdínlógún nínú wọn sì sọ pé àwọn jẹ kanní lọ́jọ́ náà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, àbí? Ṣùgbọ́n mo lọ sí àdúgbò kan náà, mo bi ogún ènìyàn tí ara wọn le. Bí méjìdínlógún nínú àwọn náà bá ti jẹ kanní, a jẹ́ pé kanní kò sọ nǹkan kan fún mi, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ́ lásìkò náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin péré nínú àwọn ara wọn le ló jẹ ẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó rí nǹkan dì mú. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹnikẹ́ni kò rò láti bi léèrè, ni ó ń sọ ohun tí iye àwọn aláìsàn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá fún yín ní iye kan nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí fóònù láìsọ iye ti apá kejì, wọn kò tíì fún yín ní nǹkan kan.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Òjò kò mú kanní nìkan wá. Ó mú ẹ̀fọn wá, ó mú olú wá, ó sì mú àìlówó wá sílé àgbẹ̀. Ohun gbogbo tó bá òjò dé ni yóò dà bíi pé òun ló fa àìsàn tó bá òjò dé. Yàtọ̀ sí èyí, bí ìròyìn bá ti tàn nígboro pé kanní ni, aláìsàn á sáré rántí kanní tí ó jẹ, á gbàgbé nǹkan mẹ́ta mìíràn tí ó fi bá a rìn. Kò purọ́. Bí ìrántí ọmọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà, oníwàádìí nílò àbá tó jinlẹ̀ ju "kanní ni" lọ. Báwo ni kanní ṣe lè mú ẹsẹ̀ ènìyàn ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n? Ibí yìí ni ìmọ̀ àtijọ́ ti wúlò. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn dókítà ti mọ àìsàn kan tó jọ ọ́, tí wọ́n máa ń rí lára àwọn tí ọtí ti ba ìjẹun wọn jẹ́: ojú tí kò lè dúró sójú kan, ẹsẹ̀ tí kò gba ara dúró, iyè tó ra. Ohun tí ó ń fa ti àwọn yẹn ni àìtó táyámíìnì, èyí tí ẹ ń pè ní fítámìnì B1 ní kíláàsì. Ara nílò táyámíìnì kí ó tó lè sọ ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì di agbára. Ọpọlọ kò sì lè ṣe kó má rí agbára náà gbà, pàápàá apá ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ tí ó ń bá wa ṣètò ìrìn. Ara wa kì í tọ́jú táyámíìnì púpọ̀ pamọ́. Bí kò bá wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ẹ̀wà kò sí níbẹ̀, ń ná táyámíìnì jù bí ó ṣe ń wọlé lọ.

Àbá tuntun wá yọ: bóyá kanní kì í ṣe májèlé, bóyá ńṣe ni ó ń ba táyámíìnì jẹ́ nínú ara ẹni tí tirẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Ẹ rí bí àbá yìí ṣe yàtọ̀. Ó sọ ohun kan tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí: bí a bá fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní táyámíìnì, ìgbọ̀nrìrì wọn yóò dín kù. Bí kò bá dín kù, àbá ti kú nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fún gbogbo aláìsàn ní táyámíìnì kí wọ́n sì máa wò ó? Nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí ni ara wọn máa ń balẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Bí mo bá fún gbogbo wọn ní omi ewé lásán, ọ̀pọ̀ yóò dìde, wọn á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fún wọn ní táyámíìnì, wọn á dìde náà. Láti ibẹ̀, n kò lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ oògùn àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń polówó nínú ọkọ̀ ló ń jẹ oyè lórí iṣẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ ṣe.

Ohun tí Adámọ́lékùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, ni pé wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba táyámíìnì. Apá kejì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà. Ẹni tó ń wò ó láti sọ bóyá ara rẹ̀ ti ń dára kò mọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí, torí pé òun ni àwọn ènìyàn kì í lóye. Wọ́n máa ń rò pé a fi oògùn pamọ́ fún dókítà nítorí pé a fura sí i pé òpùrọ́ ni. Rárá o. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìgbọ̀nrìrì kò ṣeé gbé sórí ìwọ̀n bí ẹran. Ojú ni a fi ń wò ó, a ó wá sọ pé ó le, tàbí pé ó ti rọ̀ díẹ̀. Dókítà tó fẹ́ gan-an kí aláìsàn rẹ̀ dìde, tó sì mọ̀ pé ẹni yìí ti lo oògùn gidi, ojú rẹ̀ á rí ìrọ̀rùn níbi tí kò sí. Kò ní mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kì í ṣe dókítà ló yẹ kó máa fi ojú ara rẹ̀ yan ẹni tí yóò gba oògùn gidi, kí ó má baà di pé àwọn tí àìsàn wọn kò le ni àánú rẹ̀ gbé sí apá kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n ka èsì, àwọn tó gba táyámíìnì sàn ju àwọn yòókù lọ, kedere. Àbá tó yẹ kó kú bí ó bá jẹ́ irọ́ kò kú.

Kí ọ̀rọ̀ tó parí, ọwọ́ kan nà sókè láàárín àwọn SS2. Ọmọbìnrin kan ni. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ìyá àgbà mi ti ń jẹ kanní láti kékeré, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan rí." Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ dá a lẹ́kun, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kó sọ ọ́. Ìbéèrè tó dára jù lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Bí àbá wa kò bá lè dá ìyá àgbà rẹ̀ lóhùn, kò tíì pé.

Mo ní, ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló sì dà bíi màmá. Ká ní ohun tí a sọ ni pé kanní jẹ́ májèlé, màmá ti já wa kulẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ ni pé ó ń ba táyámíìnì jẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ nínú ara, tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹran àti ẹja, lè pàdánù díẹ̀ kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ebi ìgbà òjò ti gbá tirẹ̀ tán, tí òkèlè nìkan ló ń jẹ, ni yóò ṣubú. Nítorí náà, àbá náà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ irú ẹni tí àìsàn yìí yóò mú jù: òtòṣì tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kìkì afúnnilókun. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà ń rí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi ló ń dùbúlẹ̀ jù, à bá pa àbá náà tì. Lọ bi màmá léèrè ohun tí wọ́n fi ń ti kanní lẹ́yìn, àti bí wọ́n ṣe ń sè é.

Bí wọ́n ṣe ń sè é, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Títí di ìgbà yẹn, ẹnì kan kò tíì fi hàn pé kanní lè ba táyámíìnì jẹ́ lóòótọ́. Ìwòsàn tí táyámíìnì ṣe fi hàn pé táyámíìnì ni kò tó. Kò fi hàn pé kanní ló gbà á. Ó lè jẹ́ ebi nìkan ló fà á. Ní ọdún 2000, Nishimune àti àwọn onímọ̀ mìíràn láti Japan tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ kòkòrò náà, wọ́n yọ omi ara rẹ̀, wọ́n sì wò ó bóyá ó lè tú táyámíìnì ká. Wọ́n rí ẹ́ńsáìmù kan nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, táyámínéèsì ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ooru kì í tètè pa á. Bí ooru bá tó àádọ́rin lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù ti bàjẹ́, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Èyí ni pé yíyan kanní lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó. Ó ní láti jinná dénú.

Ẹ wo bí àwọn ẹ̀rí náà ṣe wá láti ibi tí kò jọra. Ọ̀kan wá láti ẹnu aláìsàn àti ohun tó jẹ, èkejì wá láti inú oògùn tí a fi wé òfìfo, ẹ̀kẹta sì wá láti inú ìgò nínú yàrá ìwádìí, lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn jìnnà sí Iléṣà àti Ìkàrẹ́. Àṣìṣe tó lè wọ inú ọ̀kan kò lè tètè wọ inú èkejì. Aláìsàn lè gbàgbé ohun tó jẹ, ṣùgbọ́n ìgò kì í gbàgbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò sì lè má ṣẹlẹ̀ nínú ikùn, ṣùgbọ́n aláìsàn tí táyámíìnì gbé dìde kì í ṣe ìgò. Nígbà tí gbogbo wọn bá wá ń sọ ohun kan náà, a lè fi ọkàn tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ a kò ní ti ìwé náà pa. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́la tí wọn kò jẹ kanní rí, tí táyámíìnì wọn sì pé, a ó tún jókòó.

Olùkọ́ kan bi mí léyìn àsẹ́ḿbílì pé àǹfààní wo ló wà nínú gbogbo làálàá yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń dìde fúnra wọn. Mo sọ ohun kan fún un tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ dé ilé ìwòsàn, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ sábà máa ń yá sí ni kí a so omi oníṣúgà mọ́ ọn lápá. Ó dà bí àánú. Ṣùgbọ́n ṣúgà náà nílò táyámíìnì kí ara tó lè lò ó. Bí aláìsàn kò bá ní i tó, omi oníṣúgà náà lè gba ìwọ̀nba tó kù lára rẹ̀, kí àìsàn ọpọlọ náà sì le sí i. Táyámíìnì ló yẹ kí ó ṣíwájú omi náà tàbí kí wọ́n jọ wọlé. Oògùn tí kò wọ́n ni. Dókítà tó gbà pé fáírọ́ọ̀sì ni kò ní rántí rẹ̀. Ará ilé tó gbà pé ayé ni kò tilẹ̀ ní gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà lásìkò.

N kò sọ pé kí ẹ má jẹ kanní mọ́. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ní fi ẹnu mi sọ ohun tí kò sọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó sè é jinná dáadáa, kí ẹ̀wà sì wà nínú oúnjẹ ilé rẹ̀ nígbà òjò, pàápàá fún àwọn ọmọdé àti àwọn tí òkèlè nìkan ni wọ́n ń rí jẹ. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ó jẹ fún dókítà, ẹ má fi kanní pamọ́ nítorí ìtìjú, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá táyámíìnì wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fún un.